Ohun tí Báǹkì Gé láàárín Ọdún Kan: Wíwá Ṣáàjì àti Èlé Ofadíráàfù Rí nínú Sítétímẹ́ǹtì

Sítétímẹ́ǹtì oṣù kan ṣoṣo kì í tú àṣírí ohun tí báǹkì ń gé lára owó oníbàárà. ₦53.75 níbí, ₦4 lọ́hùn-ún, ₦50 níbòmíràn: kò sí èyí tí ènìyàn yóò torí rẹ̀ pa ọjà tì lọ sí báǹkì. Bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbà tí a bá to oṣù méjìlá tẹ̀ léra ni ohun tó fara pamọ́ máa ń hàn: ṣáàjì tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wá, èyí tí wọ́n fi owó kún láàárín ọdún, èyí tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀mejì, àti èlé tó ń gorí èlé nínú àkáǹtì tó wọ gbèsè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń jẹ owó jù, òun náà ni ènìyàn kì í sì í ṣírò.

Àkáǹtì tí àlàyé yìí yóò máa tọ́ka sí jẹ́ àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ kí ìṣirò lè hàn kedere. Ó jẹ́ àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì oníṣòwò pákó kan ní Ìbàdàn, fún ọdún 2025. Báǹkì fọwọ́ sí ofadíráàfù ₦2,000,000 fún un, ìyẹn ni pé ó lè ná owó kọjá ohun tó wà nínú àkáǹtì títí dé iye yẹn, kí ó sì máa san èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí ohun tó bá lò.

Ohun àkọ́kọ́ ni gbígba sítétímẹ́ǹtì náà bó ṣe yẹ. Èyí tí a tẹ̀ sórí bébà dára fún ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti wá nǹkan nínú rẹ̀. Kí oníbàárà béèrè pé kí wọ́n fi èyí tó ṣeé ṣí nínú Excel ránṣẹ́ sí ímeèlì òun, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní títí dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá, kí ó sì rí i pé ọjọ́ méjì ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni ọjọ́ tí báǹkì kọ owó náà sílẹ̀. Èkejì, tí wọ́n máa ń kọ VALUE DATE sí lórí, ni ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka nínú ìṣirò èlé. Àwọn sítétímẹ́ǹtì kan tó wà lórí fóònù kì í fi ọjọ́ kejì yìí hàn. Ẹni tó bá ń lo ofadíráàfù kò gbọdọ̀ gba irú rẹ̀, nítorí inú ọjọ́ kejì yẹn ni owó ti sábà máa ń sọnù.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a mọ ohun tí òfin gbà láyè. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní ìwé ìlànà kan lórí ṣáàjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020, ó sì wà lórí ìkànnì wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ìwé náà ní kí báǹkì má gbà ju ₦10 lọ lórí owó tí a fi ránṣẹ́ láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bí owó náà kò bá ju ₦5,000 lọ. ₦25 bí ó bá kọjá ìyẹn ṣùgbọ́n tí kò ju ₦50,000 lọ. Àti ₦50 bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT, tó di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, ló ń gorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75 fi kún inú sítétímẹ́ǹtì. Bí ₦53.75 bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ₦30,000 tí a fi ránṣẹ́, a ti rí àṣìṣe.

Ṣáàjì méjì kan wà tí kì í gbé inú àkáǹtì kan náà. Àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n lè gé owó ìtọ́jú àkáǹtì lára rẹ̀, èyí tó máa ń hàn bíi CAMF tàbí ACCT MAINT FEE. Àkáǹtì ìfowópamọ́ nìkan ni wọ́n sì lè gé ₦50 lára rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ìtọ́jú káàdì náírà. Nítorí náà, bí ìlà CAMF bá wà nínú àkáǹtì ìfowópamọ́, tàbí tí owó ìtọ́jú káàdì bá hàn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún nínú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì oníṣòwò pákó wa, kò sí ìdí fún ìṣirò kankan mọ́. Wọn kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ rárá.

Ọdún 2025 tún ní ohun tó yà á sọ́tọ̀: iye owó yí padà láàárín rẹ̀. Títí dé òpin oṣù kejì, ẹni tó bá lo ATM báǹkì mìíràn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbà mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù, lẹ́yìn náà ₦35 ni wọn yóò máa gé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọ̀fẹ́ náà dópin. Ó di ₦100 lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan ní ATM tó wà nínú ọgbà báǹkì mìíràn, àti ₦100 pẹ̀lú àfikún tí kò gbọdọ̀ ju ₦500 lọ ní èyí tó wà ní ilé epo, ilé ìtajà ńlá tàbí irú ibi bẹ́ẹ̀. ATM báǹkì tí oníbàárà ń lò gan-an kò gba nǹkan kan. Owó SMS pàápàá kúrò ní ₦4 sí ₦6 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní oṣù karùn-ún. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò gbogbo ọdún pẹ̀lú iye kan ṣoṣo yóò fẹ̀sùn kan báǹkì lórí ohun tó tọ́, tàbí kí ó fojú fo ohun tí kò tọ́. Fún SMS, ọ̀nà tó rọrùn ni kí a pín àpapọ̀ owó oṣù kan sí iye tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ nígbà náà, kí a sì fi wé iye ìlà tó wà nínú sítétímẹ́ǹtì oṣù yẹn. Bí owó bá fi hàn pé wọ́n fi SMS 310 ránṣẹ́, tí ìlà owó tó wọlé àti èyí tó jáde kò sì ju 190 lọ, ó yẹ kí báǹkì ṣàlàyé 120 tó kù.

₦50 tó ń jáde nígbà tí owó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọlé yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ti ìjọba ni, kì í ṣe ti báǹkì. Ní 2025, ẹni tí owó wọlé fún ló ń san án, ìgbà kan ṣoṣo lórí owó kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ní láti wò ni bóyá wọ́n gé e lórí owó tí kò tó ₦10,000, tàbí lórí owó tí oníbàárà gbé láti àkáǹtì ara rẹ̀ kan sí òmíràn nínú báǹkì kan náà.

Bí ìlà bá tó ẹgbẹ̀rún méjì nínú sítétímẹ́ǹtì, ojú nìkan kò lè ká a. VAT ni a lè fi ṣe atọ́nà. Kò sí VAT lórí èlé, ṣùgbọ́n ó wà lórí owó iṣẹ́ báǹkì. Nítorí náà, ibikíbi tí VAT bá ti dá dúró lórí ìlà, ṣáàjì kan wà nítòsí rẹ̀, ẹni tó bá sì pín VAT náà sí 0.075 yóò mọ iye tí ṣáàjì ọ̀hún jẹ́. VAT ₦1,500 kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Ṣáàjì ₦20,000 ló bí i. Bí òpó àlàyé bá jẹ́ C, tí òpó owó tó jáde sì jẹ́ D, ìlànà yìí yóò ro gbogbo VAT ọdún náà pọ̀ nínú Excel:

```
=SUMIF(C:C,"*VAT*",D:D)
```

Kí a fi SMS, CAMF, FEE àti CHARGE rọ́pò VAT lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ àpapọ̀ wọn sílẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Báǹkì tó ń kọ ₦53.75 papọ̀ sórí ìlà kan kò ní jẹ́ kí VAT rẹ̀ hàn lọ́tọ̀, nítorí náà a ní láti wá irú iye bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Oṣù tó bá ga ju ìyókù lọ láìjẹ́ pé ọjà tà jù níbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí a ṣe rí àṣìṣe CAMF oníṣòwò pákó náà nìyẹn. Kò yẹ kí CAMF ju ₦1 lọ lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà fúnra rẹ̀ san fún ẹlòmíràn tàbí tó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn. Àwọn àgbà oníṣòwò ṣì ń pè é ní COT, ìyẹn ṣáàjì àtijọ́ tí Báǹkì Àpapọ̀ dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí ní 2016, ṣùgbọ́n COT àti CAMF kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní oṣù kẹrin, owó tó jáde kúrò nínú àkáǹtì sí ọwọ́ àwọn agégẹdú àti onílọ́rì jẹ́ ₦4,200,000. Ó yẹ kí CAMF jẹ́ ₦4,200, kí VAT rẹ̀ sì jẹ́ ₦315. Sítétímẹ́ǹtì kọ ₦5,400 àti ₦405. Ìyàtọ̀ ₦1,200 yìí tọ́ka sí owó ₦1,200,000 gan-an, nígbà tí a sì wá a, a rí i: owó kan tí oníṣòwò náà fi ránṣẹ́, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á, tí báǹkì sì dá padà ní ọjọ́ kejì. Owó náà padà, ṣùgbọ́n CAMF tí wọ́n ti kà lórí rẹ̀ kò padà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ báǹkì ro gbogbo owó tó jáde pọ̀ láìyọ èyí tó padà wọlé kúrò. Èlé àti àwọn ṣáàjì tí báǹkì fúnra rẹ̀ gé kò yẹ kí wọ́n wà nínú ìṣirò CAMF náà, nítorí oníbàárà kọ́ ló san wọ́n fún ẹlòmíràn.

Èlé ofadíráàfù ní tirẹ̀ kò ní iye kan pàtó tí òfin dá. Ohun tó wà nínú lẹ́tà tí báǹkì àti oníbàárà jọ fọwọ́ sí ni òdiwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà náà lọ́wọ́ kò lè ṣe àyẹ̀wò kankan, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè ẹ̀dà rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni báǹkì ń ka èlé náà, òpin oṣù ni wọ́n sì ń gé e. Wọn yóò wo iye tí àkáǹtì fi wà lábẹ́ òdo nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣú, wọn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò fi iye èlé ọdún sọ ọ́ di púpọ̀, wọn yóò sì pín in sí 365. Kí a lè ṣe irú ìṣirò náà nílé, a óò fi gbèsè kọ̀ọ̀kan sọ iye òru tó fi wà nínú àkáǹtì di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni a óò pè ní owó-òru níbí.

Ní oṣù kẹta, àkáǹtì oníṣòwò pákó náà wọ gbèsè ₦600,000 ní ọjọ́ kẹrin, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún òru 10. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó ra igi iroko, gbèsè sì di ₦1,500,000. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ọjọ́ Ajé, ó fi sọ̀wédowó ₦1,300,000 tí oníbàárà kan kọ fún un sínú àkáǹtì. Ó kù ₦200,000, èyí tó san tán ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Sọ̀wédowó kì í di owó lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ láàárín báǹkì àti báǹkì. Nítorí náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, ló yẹ kí ₦1,300,000 náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín gbèsè kù.

Ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí. ₦600,000 fún òru 10 jẹ́ 6,000,000. ₦1,500,000 fún òru 11, láti ọjọ́ kẹrìnlá dé ọjọ́ kẹrìnlélógún, jẹ́ 16,500,000. ₦200,000 fún òru 4 jẹ́ 800,000. Àpapọ̀ owó-òru oṣù náà jẹ́ 23,300,000. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tí a pín sí 365, jẹ́ ₦19,150.68. Ṣùgbọ́n ₦21,287.67 ni báǹkì gé.

Ẹni tó bá rí irú ìyàtọ̀ yìí lè fi ìṣirò náà rìn padà. ₦21,287.67 tí a fi 365 sọ di púpọ̀, tí a sì pín sí 0.30, fún wa ní 25,900,000. Báǹkì ti ka owó-òru 2,600,000 kún un, ìyẹn sì jẹ́ ₦1,300,000 fún òru 2 géérégé. Iye sọ̀wédowó náà gan-an nìyẹn. Nígbà tí a padà wo òpó VALUE DATE, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ síbẹ̀ dípò ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. ₦2,136.99 ni òru méjì yẹn jẹ. Ẹni tó bá ń gba sọ̀wédowó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè fi ojú inú wo ohun tí irú àṣìṣe kan náà yóò jẹ́ bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ jálẹ̀ ọdún.

Nígbà míràn, owó-òru yóò pé, ṣùgbọ́n iye èlé ni yóò ti yí padà. Nínú oṣù kẹjọ, owó-òru àkáǹtì yìí jẹ́ 18,000,000, èlé tí wọ́n gé sì jẹ́ ₦16,767.12. Bí a bá fi 365 sọ èlé náà di púpọ̀, tí a sì pín in sí 18,000,000, yóò fún wa ní 0.34. Báǹkì ti kúrò ní ìdá 30 bọ́ sí ìdá 34. Lẹ́tà ofadíráàfù sábà máa ń gba báǹkì láyè láti yí iye èlé padà bí ọjà owó bá ṣe rí, nítorí náà èyí kì í ṣe ẹ̀sùn fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ wo ni wọ́n sọ fún oníbàárà, àti pé ṣé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé iye tuntun náà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Kí a wá ímeèlì àti SMS oṣù kẹfà àti ìkeje kí a tó lọ bá wọn.

Èlé tó ń gorí èlé kò ní ìlà tirẹ̀ nínú sítétímẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá gé èlé ní òpin oṣù nígbà tí àkáǹtì ṣì wà nínú gbèsè, inú gbèsè yẹn ni èlé náà yóò wọ̀, oṣù tó ń bọ̀ yóò sì ka èlé lórí rẹ̀ pẹ̀lú. ₦1,000,000 tí a kò fọwọ́ kàn fún ọdún kan ní ìdá 30 kò ní pa èlé ₦300,000 bí ènìyàn ṣe rò. Nǹkan bíi ₦344,900 ni yóò jẹ́. Èyí bófin mu. Ohun tó ń dín in kù ni kí owó wọlé ṣáájú ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, kí èlé bá owó nílẹ̀ dípò gbèsè. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àkáǹtì tí kò ní ofadíráàfù rárá, tí SMS àti CAMF oṣù bá a nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí iye tó kù bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, tí oníbàárà kò sì fọwọ́ sí ofadíráàfù kankan, kí ó béèrè ìwé tí báǹkì gbé èlé tó wà lórí rẹ̀ lé.

Ó ku owó ìṣètò, èyí tí báǹkì ń gbà nítorí pé wọ́n gbé ofadíráàfù náà kalẹ̀, yálà oníbàárà lò ó tàbí kò lò ó. Lẹ́tà oníṣòwò wa ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,000,000, ìyẹn ₦20,000, pẹ̀lú VAT ₦1,500. Oṣù mẹ́fà ni ofadíráàfù náà wà fún, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ₦43,000 ló jáde lọ́dún. Owó-òru rẹ̀ fún gbogbo ọdún jẹ́ 160,000,000. Èlé rẹ̀ ní ìdá 30 jẹ́ ₦131,506.85. Bí a bá fi ₦43,000 kún un, ó di ₦174,506.85. Kí a fi 365 sọ ìyẹn di púpọ̀, kí a sì pín in sí 160,000,000: ìdá 39.8 ni owó tí oníṣòwò náà yá náà ń ná an gan-an, kì í ṣe ìdá 30 tó wà nínú lẹ́tà. Ohun tó fà á ni pé ìpíndọ́gba gbèsè rẹ̀ lóòru kan kò ju ₦438,356 lọ, bẹ́ẹ̀ lórí mílíọ̀nù méjì ló ń san owó ìṣètò. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, báǹkì kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdápadà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí iye yìí mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe: kí wọ́n dín ofadíráàfù náà kù sí ₦1,500,000, kí ó sì wà fún ọdún kan gbáko.

Fún àwọn èyí tó jẹ́ àṣìṣe, lẹ́tà kan ṣoṣo tó. Kí a kọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìlà náà bí báǹkì ṣe kọ ọ́, iye tí wọ́n gé, iye tó yẹ àti ìyàtọ̀ rẹ̀: ₦1,200 àti VAT ₦90 ti oṣù kẹrin, ₦2,136.99 ti oṣù kẹta. Kí a fi í ránṣẹ́ sí báǹkì nípa ímeèlì, kí a sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, a lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀, ní cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn àti ẹ̀dà lẹ́tà tí a kọ sí báǹkì.

Nígbà tí owó bá padà, kí a tún wo VALUE DATE rẹ̀. Bí àkáǹtì bá wà nínú gbèsè láàárín ìgbà tí wọ́n gé ṣáàjì tí kò tọ́ náà àti ọjọ́ tí wọ́n dá a padà, èlé ti gun orí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gé e ló yẹ kó wà nínú òpó náà. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá a padà ni wọ́n kọ síbẹ̀, èlé tó wà láàárín méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ báǹkì, a sì lè fi ìṣirò owó-òru kan náà béèrè rẹ̀.